Ta Ló Kọ́kọ́ Rí Fìlà Màámi?

Nígbà tí onílé ta ilé tí ṣọ́ọ̀bù Màámi wà létí títì Ailegun, inú kọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti rí òmíràn gbà. Fìlà ni wọ́n ń rán. Létí títì, ẹni tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ lè rí fìlà tí wọ́n gbé kọ́, kó sọ̀ kalẹ̀, kó ná an. Nínú kọ̀rọ̀, ẹni tó ti mọ Màámi tẹ́lẹ̀ nìkan ló ń débẹ̀. Oṣù méjì kọjá, fìlà márùn-ún péré ni wọ́n tà, owó ilé ìwé àbúrò mi sì ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣí àkántì sórí TikTok.

Orúkọ Màámi la fi ṣí i. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé ẹgbẹ́ mi, ẹ fetí sí èyí: TikTok kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í gbé fídíò ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 síwájú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí kò bá sí ẹni tó ń tẹ̀lé èèyàn, kò sẹ́ni tí yóò rí fídíò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù Kẹfà ọdún 2020, TikTok fúnra wọn kọ ọ́ jáde pé iye èèyàn tó ń tẹ̀lé ẹnì kan kọ́ ni àwọn ń wò ní tààrà kí àwọn tó gbé fídíò rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ojú ìwé kan wà tó ń jẹ́ For You. Fídíò àwọn àjèjì ló kún ibẹ̀. Bí alákàrà ṣe ń fi ẹyọ kan tọ́ epo wò, bẹ́ẹ̀ ni fídíò tuntun ṣe máa ń kọ́kọ́ dé iwájú èèyàn díẹ̀. Bí wọ́n bá wò ó pẹ́, yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn. Bí wọ́n bá yí i kọjá kíá, ó sábà máa ń dúró síbẹ̀. Wọ́n tún sọ pé kí èèyàn wo fídíò gígùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin wúwo ju pé ẹni tó ṣe é àti ẹni tó wò ó jọ wà ní orílẹ̀-èdè kan náà lọ. Màá padà sórí ìyẹn.

Bí Màámi ṣe fẹ́ ẹ ni a ṣe fídíò àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú àáyá 45 ni. Wọ́n kí gbogbo èèyàn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà ni wọ́n mú fìlà jáde. Ìwà ọmọlúàbí ni, mi ò bá wọn jà sí i. Ó dé 61. Inú wa dùn títí mo fi ṣí ibi ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Analytics. Díẹ̀ ló wá láti For You. Àwọn ẹgbẹ́ ìjọ Màámi, tí a fi líǹkì ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp, ló pọ̀ jù. Níbi tí wọ́n kọ Average watch time sí, 4s ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ fìlà kò jáde títí di ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ìfẹ́. Ohun tó rí ni pé wọ́n ṣí i, wọ́n sì tì í.

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò ní kí a san ₦5,000 kí òun fi èèyàn 1,000 kún àwọn tó ń tẹ̀lé wa. Màámi bi mí léèrè, mo ní ẹ má ṣe é, mà. Àkántì òfìfo ni irú wọn sábà máa ń jẹ́. Wọn kì í wo fídíò, wọn ò sì lórí tí wọn yóò dé fìlà sí.

Fìlà kan náà la tún fi ṣe èkejì, ìṣẹ́jú àáyá 12. Kò sí ìkíni. Ọwọ́ Màámi ló kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú aṣọ òkè tí wọ́n ti rán, tó ṣì tẹ́ pẹlẹbẹ. Wọ́n kì í lọ́wọ́ bọnú, wọ́n fa etí rẹ̀ kan jáde, wọ́n fa èkejì, ó di abetí ajá, wọ́n sì dé e fún àbúrò mi. Ẹni tó bá rí aṣọ pẹlẹbẹ yẹn á fẹ́ mọ ohun tí yóò dà, kó sì tó ronú àtiyí i kọjá, fìlà ti dé orí. Mo yà á létí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè mú àwọ̀ òwú náà jáde. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé fìlà abetí ajá, aṣọ òkè, Ailegun, kí ẹni tó bá ń wá irú rẹ̀ lè rí i. A ò fi líǹkì ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, 268 ni. Average watch time di 9s. Nínú mẹ́wàá tó wò ó, bíi mẹ́sàn-án ló wá láti For You. Lọ́jọ́ kẹta ó dé 340, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹ̀kẹta tí a ṣe lọ́nà kan náà kò kọjá 190, torí náà ẹ má rò pé ó dájú bí ẹní ka owó.

Ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè tí mo ní màá padà sí rèé. Nínú 340 yẹn, ẹni mẹ́rin ló béèrè iye fìlà. Ẹnì kan wà ní Gánà, òmíràn ní Kútọnu, ẹ̀kẹta kò dáhùn mọ́ nígbà tó gbọ́ iye rẹ̀. Ẹ̀kẹrin wọ kẹ̀kẹ́ wá láti Òkè-Afá lọ́jọ́ Sátidé. Ó ra méjì fún ìsọmọlórúkọ, ó sì san owó ẹ̀kẹta sílẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo yẹ àkántì wò. Èèyàn méje ló ń tẹ̀lé wa. Òun kò sí nínú wọn.