Ojú Ọ̀bẹ ní Ìdí Ẹ̀fọ́

Ọ̀bẹ àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ tèmi, ìdí ẹ̀fọ́ ni mo fi ń gé. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà náà. Ìyá mi ń ta ẹ̀fọ́ nínú ọjà kan ní Ìbàdàn, èmi ni mo sì máa ń bá a pàtẹ ní òwúrọ̀ Sátidé àti nígbà tí a bá gba ọlidé. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ugu ni a ń tà. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ alákùrọ̀ ni a ti ń rà wọ́n, wọ́n sì máa ń dé kí ojúmọ́ tó mọ́ tán, nígbà tí ènìyàn kò tíì lè fi ojú lásán mọ ewé tuntun yàtọ̀ sí ti àná. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi máa ń fi ọwọ́ yẹ ẹ̀fọ́ wò kí ó tó fi ojú wò ó.

Yóò kọ́kọ́ gbé ìdì kan, yóò gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí omi orí rẹ̀ dà nù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní omi máa ń bo àṣírí ẹ̀fọ́. Bí wọ́n bá wọ́n omi sí ewé tí ó ti ṣá, yóò dán lójú ẹni tí ń kọjá, ṣùgbọ́n dídán tí omi ń dán kì í tẹ́ kárí. Ó máa ń ṣù jọ ní róbótó-róbótó, ó sì máa ń rọ̀ sí ṣóńṣó ewé. Ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ní dídán tirẹ̀ lára. Bí o bá nu omi orí ewé ugu tuntun kúrò, ojú rẹ̀ yóò ṣì máa dán láti etí dé etí. Bí o bá fi ọwọ́ pa ìdì náà pọ̀ díẹ̀, àwọn ewé yóò máa ha ara wọn, wọn yóò dún kẹ́ẹ́rẹ́kẹ́. Ti àná kì í dún. Ojú rẹ̀ á ti ṣú bí aṣọ tí a ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, yóò sì rọ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ewé, ó kan ìdí. Ibi tí ọ̀bẹ àgbẹ̀ gbà kọjá máa ń tutù ní ọjọ́ kìíní, àwọ̀ rẹ̀ a sì mọ́ bí inú ọ̀pá náà gan-an. Bí o bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, omi yóò sun. Ṣẹ́ igi tẹ̀tẹ̀ tuntun, yóò dá pọ́! Nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ kejì, ojú ibẹ̀ á ti gbẹ, á ti sún kì, á sì ti máa pọ́n bí ìpàǹtí igi. Ti ewédú máa ń tètè hàn, nítorí igi rẹ̀ le, ó sì ní fọ́nrán. Ti ugu náà kì í pẹ́ hàn, ṣùgbọ́n okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó máa ń ká kọ́rọ́-kọ́rọ́ lára rẹ̀ ni mo fẹ́ràn láti wò ní tèmi, nítorí òun ni ó máa ń kọ́kọ́ rọ.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ lọ́dún náà. Ohun tí mo tún mọ̀, tí ìyá mi kò kọ́ mi, ni bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́. Mo ti rí i lórí àtẹ àwọn ẹlòmíì.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ẹ̀fọ́ wọ́n. Ìdì ugu 7 ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún wa lálẹ́ Jímọ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ìyá mi lọ pàdé alákùrọ̀, ó fi èmi nìkan sí ìdí àtẹ. Mo fẹ́ kí ó bá owó nílẹ̀ nígbà tí ó bá dé. Mo já àwọn ewé ìsàlẹ̀ tí ó ti pọ́n dànù, mo fi ọ̀bẹ gé ìdí ìdì kọ̀ọ̀kan títí mo fi kan ibi tí ó tutù, mo wọ́n omi sí wọn, mo sì tò wọ́n síwájú. Wọ́n ń dán. Obìnrin kan tí ó ń se oúnjẹ tà, tí ó ti ń bá ìyá mi rajà kí wọ́n tó bí mi, sáré wọlé láìtíì mọ́ ilẹ̀, ó ra 6 nínú wọn. Kò yẹ̀ wọ́n wò. Kí ni ó fẹ́ yẹ̀ wò lórí àtẹ tiwa?

Nígbà tí ó máa di ọ̀sán, ó padà dé. Ìyá mi ti wà ní ìdí àtẹ. Obìnrin náà kò pariwo. Ó gbé ìdì kan kalẹ̀, ó tú okùn rẹ̀.

“Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ bọ àárín rẹ̀.”

Ìyá mi fi ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àárín ìdì náà móoru, ó sì ń yọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọ́ tí a dì pa tí omi sì wà nínú rẹ̀ ṣe máa ń rí: inú ni ó ti ń jẹrà, níbi tí okùn ti fún un, nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán. Obìnrin náà wá fi ìka tọ ìdí rẹ̀. Gbogbo igi rẹ̀ gùn bákan náà, bí ìgbà tí a fi okùn wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ tí ń kánjú kì í gé ugu dọ́gba. Lókè ibi tí mo gé, ojú àpá àwọn ewé tí mo já ń wò wá.

“Ta ló gé eléyìí?” ni ìyá mi bi mí.

“Èmi ni, Màámi.”

Ó dá owó ìdì 6 padà, ó kúnlẹ̀ bẹ obìnrin náà. Mi ò tíì rí i kí ó kúnlẹ̀ fún oníbàárà rí. Kò nà mí. Ó kó tẹ̀tẹ̀ tí oòrùn ti pa láàárín ọjọ́ náà wá síwájú mi, ó ní kí n wò ó: ewé rẹ̀ ti rọ, kò dán mọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀bẹ ìdí rẹ̀ ṣì mọ́, ó ṣì ń sun omi. Ó ní kí n gé ìdí rẹ̀ díẹ̀, kí n gbé e dúró sínú omi tí kò jìn, lábẹ́ ibòji. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ó ti nàró. Ọ̀bẹ kan náà ni, omi kan náà ni. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n gbà pé gígé ìdí ẹ̀fọ́ jẹ́ ẹ̀tàn lásán, mi ò sì tún gbàgbọ́ mọ́ pé ẹ̀fọ́ tí kò bá dán ti pẹ́. Ewé máa ń sọ bí oòrùn ṣe bá a jà. Ìdí ni ó ń sọ ìgbà tí ó ti kúrò lóko, àfi bí ẹnì kan bá ti tún un gé. Àwọn tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tí wọ́n fà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kò tilẹ̀ ní ojú ọ̀bẹ rárá. Ti ìwọ̀nyẹn, erùpẹ̀ ìdí gbòǹgbò ni mo máa ń wò, bóyá ó ṣì tutù.

Obìnrin olóúnjẹ náà kò yà sọ́dọ̀ wa fún nǹkan bí oṣù kan. Nígbà tí ó padà bẹ̀rẹ̀ sí í rajà, ó ń kí wa bí ó ṣe ń kí wa tẹ́lẹ̀, ó sì ń bá ìyá mi ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n títí ìyá mi fi kúrò lọ́jà, kò tún ra ìdì kan lọ́wọ́ wa láìkọ́kọ́ tú okùn rẹ̀.