Ìlà Pupa àti Ìlà Àwọ̀ Ewé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ẹni tí kò lè dá àwọ̀ mọ̀ dáadáa, dúdú àti funfun nìkan ni ó ń rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé kí pupa àti àwọ̀ ewé jọ ara wọn lójú onítọ̀hún, kí àwọn méjèèjì sì dà bí ewé gbígbẹ. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni ó ń bá ojú mọ àwọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá sí, tàbí tí kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, ìdàrúdàpọ̀ yìí dé. Àjogúnbá ni, ọ̀dọ̀ ìyá sì ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀. Láàárín àwọn ọkùnrin ìran Yúróòpù, ó tó ènìyàn 8 nínú 100.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ya gíráàfù òjò láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, tí ó fi ìlà pupa ṣe ti Ìbàdàn, tí ó sì fi ìlà àwọ̀ ewé ṣe ti Kánò, wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìlà méjèèjì ti kọjá ara wọn. Ní oṣù kẹjọ, òjò Ìbàdàn a máa dínkù kí ó tó tún pọ̀ sí i. Ìgbà náà gan-an ni ti Kánò ń pọ̀ jù lọ. Ẹni tí kò rí ìyàtọ̀ àwọ̀ kò ní mọ èyí tí ó gòkè àti èyí tí ó sọ̀ kalẹ̀. Ó lè ka òjò Kánò sí ti Ìbàdàn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro. Kí a fi àwọ̀ aró rọ́pò ọ̀kan, kí a sì fi àwọ̀ ọsàn rọ́pò èkejì, nítorí pé ojú bẹ́ẹ̀ ṣì ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, #0072B2 ni àwọ̀ aró tí ó dára. Bí a bá mú #D55E00 tì í, èyí tí í ṣe ọsàn tí ó pọ́n gan-an, olójú bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀rọ tí kò ní àwọ̀ tẹ̀ ẹ́, méjèèjì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di eérú kan náà. #E69F00 sàn jù, nítorí pé ó mọ́lẹ̀ ju aró lọ. Àmọ́, kí ìlà rẹ̀ nípọn díẹ̀, kí ó má baà parẹ́ lára ìwé funfun.

Síbẹ̀, àwọ̀ nìkan kò tó. Kí a kọ “Ìbàdàn” àti “Kánò” sí ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí a sì gé ọ̀kan sí wẹ́wẹ́. Nígbà náà, ẹni tí kò rí àwọ̀ kankan pàápàá yóò ka gíráàfù náà láìṣìnà.