Kíkọ Ìtàn Ṣókí Nípa Àwọn Agbábọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ máa ń rí ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà pápá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí nípa agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mò ń kọ ti ẹgbẹ́ kékeré kan ládùúgbò wa ní Thamesmead North, àwọn kan nínú yín sì ti ń bi mí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹni mẹ́rìndínlógún ni mò ń kọ nípa wọn lójú ewé méjì, ẹnì kan ò sì lè gbà ju nǹkan bí ogójì ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í dúró sọ́dọ̀ wa o. Bí a bá ń lọ gbá bọ́ọ̀lù níta, a máa ń fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tó gbà wá lálejò, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tiwọn. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe kan fi lè rìn yí gbogbo líìgì ká kí Kérésì tó dé. Lọ́dún kan, ìwé ẹgbẹ́ kan tí a lọ bá sọ pé aṣọ́lé wa ti gbá bọ́ọ̀lù fún Thamesmead Town, ẹgbẹ́ tó kógbá sílé ní 2018. Ọmọ náà ò gbá fún wọn rí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbá fún wọn. Orúkọ bàbá wọn nìkan ni ẹni tó kọ ọ́ wò. Ìyá wọn ra ìwé náà, ó gbé e wá bá mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo nínú àwọn ọmọ mi ni wọ́n ń sọ níbí?"

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tí gbogbo yín mọ̀, Ademola Lookman, torí Charlton tí kò jìnnà sí wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bí i ní Wandsworth ní ọjọ́ 20 Oṣù Kẹwàá 1997. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ láàárín àwọn àgbà wáyé ní ọjọ́ 3 Oṣù Kọkànlá 2015, MK Dons ni wọ́n bá gbá. Ọjọ́ ìbí ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ "ọmọ ọdún 18", torí ọjọ́ orí á ti yí padà kí sáà tó parí, àwọn tó ń dà á kọ ò sì ní tún un ṣe.

Ẹ wá wo iye. Ìgbà 45 ló gbá bọ́ọ̀lù fún Charlton, ó sì jẹ gọ́ọ̀lù 10. Líìgì nìkan nìyẹn; ti ìdíje ife kò sí níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ "ní líìgì" sí i. Bí ẹ bá lo ti líìgì lọ́sẹ̀ yìí, tí ẹ tún lo ti gbogbo ìdíje lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó ń kà á á rò pé ọmọ náà gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin láàárín ọjọ́ méje.

Níbi tí àwọn akọ̀wé ti ń kọsẹ̀ jù nìyí: wọn ò fẹ́ lo ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Everton ra Lookman ní Oṣù Kìíní 2017. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n yá Leipzig ní ọmọ náà, kí Leipzig tó wá rà á pátápátá ní 2019. Ẹni tó bá sá fún "rà" àti "yá", tó wá ń kọ "dara pọ̀ mọ́" síbi gbogbo, ti ba òótọ́ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó ń sọ òótọ́ dúró, kódà bó tiẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Kí ló wá fà á tí gbogbo ìtàn náà fi ń jọra? Lójú tèmi, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi gbogbo wọn. Bí ẹ bá bi ẹni mẹ́rìndínlógún ní ọjọ́ ìbí, ẹgbẹ́ àtijọ́ àti ipò, tí ẹ kọ ìdáhùn tẹ̀ léra, wọ́n á jọra bí ìbejì. Àwọn ọ̀rọ̀ bí "ògbóǹtarìgì" àti "akọni" kò yí nǹkan kan padà, torí ó bá ẹnikẹ́ni mu. Ohun tí ẹnì kan ṣoṣo ní ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ń kọ ti Lookman, mo lè kọ ọ́ báyìí:

"Gọ́ọ̀lù mẹ́ta ló gbá wọlé fún Atalanta ní Dublin, nínú àṣekágbá Europa League ti Oṣù Karùn-ún 2024, Leverkusen ò sì rí ẹyọ kan dá padà. Charlton ló ti kọ́kọ́ bá àwọn àgbà gbá, ní 2015."

Gọ́ọ̀lù ló ṣáájú nínú ti Lookman. Ti agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí kì í jẹ gọ́ọ̀lù lè bẹ̀rẹ̀ látorí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ti ẹlòmíì látorí ẹni tó kọ́kọ́ mú un lọ sí pápá. Ohun tí ò bá fẹ́ kí ará ìta mọ̀, bí ilé rẹ̀ tàbí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìdánrawò, mo máa ń ka tirẹ̀ sétí ẹnì kọ̀ọ̀kan, màá sì ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lukman ni ọ̀pọ̀ Yorùbá máa ń kọ. Lookman lèyí ń kọ tirẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, a ó kó gbogbo rẹ̀ fún atẹ̀wé.