Láptọ́ọ̀pù Tí Kì Í Tètè Jí

Ní Ìlú Bìní níbí, ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ fún wa lálẹ́, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí bùọ̀dá mi fún mi sì ń jẹ 6 nínú rẹ̀ kó tó ṣeé lò. Àwọn kan ní fáírọ́ọ̀sì ni, àwọn kan ní kí n lọ ra tuntun. Èmi mú aago ní tèmi.

Mo tẹ Restart, mo sì pín àkókò náà sí méjì. Kó tó béèrè páásíwọ́ọ̀dù, ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni. Lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù, ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́rin àbọ̀, ohun tí mo bá tẹ̀ kì í dáhùn. Apá kejì yìí ni ẹjọ́ wà. Àwọn prógírámù tó ń dá dìde fúnra wọn ló ń fa dísìkì náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ó dà bí ìgbà tí gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì bá gbé bákẹ́ẹ̀tì lọ sídìí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà.

Windows 10 ni tèmi. Mo tẹ `Ctrl + Shift + Esc`, Task Manager yọ, mo lọ sí Startup. Prógírámù mẹ́sàn-án ni mo bá níbẹ̀ tí wọ́n kọ Enabled sí. Lábẹ́ Startup impact, mẹ́rin jẹ́ High: ti orin, ti géèmù, ti ìpè orí fídíò, àti ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a kò tiẹ̀ ní. Mo tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo yan Disable. Èyí kò pa wọ́n rẹ́ o. Ìgbà tí o bá pè wọ́n ni wọ́n máa dìde. N kò fọwọ́ kan Windows Security àti ti ohùn. Orúkọ tí o kò bá mọ̀, fi í sílẹ̀ ná.

Mo tún tẹ Restart. Restart ló yẹ kí èèyàn fi wọ̀n ọ́n, torí pé Shut down lè fi díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ pa mọ́ sórí dísìkì kó lè tètè jí lọ́jọ́ kejì, aago rẹ á sì tàn ọ́. Apá kìn-ín-ní ṣì jẹ́ ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Apá kejì wá di ìṣẹ́jú kan àbọ̀ pẹ̀lú. Mẹ́fà di mẹ́ta.

Ṣé ó ṣì lè dín sí i? Kò lè fi bẹ́ẹ̀ dín. Lábẹ́ Performance, wọ́n kọ HDD sí ẹ̀gbẹ́ dísìkì mi, ìyẹn dísìkì tó ń yí. Irú èyí sábà máa ń gba ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta kó tó ṣeé lò dáadáa. Èyí tó bá ní SSD, ìdajì ìṣẹ́jú tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tí HDD tìrẹ bá ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn tí o ti yan Disable, ara rẹ̀ dá. Owó SSD ló kù kí o bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú.