Ọ̀pá Mẹ́rìndínlógún, Ìlà Mẹ́jọ

Ẹni tó bá mọ Ladi-Lak dáadáa á mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í jìnnà síbẹ̀. Ṣómólú náà ni: káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, ọ̀pọ̀ nínú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ wọ́n. Ohun tó máa ń bí wa nínú ni pé Yorùbá tó ń wà lára káàdì wọ̀nyẹn kì í sábà ní àmì ohùn, tó bá sì ní, àmì náà lè ṣìnà. Ìdí nìyẹn tí àwa mẹ́ta fi kó ọ̀dọ́ mẹ́jọ jọ ní Sátidé mẹ́rin, tá a kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà tẹ Yorùbá tòun tàmì. Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a pe ogún ọ̀rọ̀ fún wọn (ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ wà níbẹ̀, kò ṣeé má fi sí i), a sì ka iye tí oníkálukú tẹ̀ tó péye. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, a tún pe ogún mìíràn tó le bákan náà.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí, ti ìṣáájú kọ́kọ́, ti ìgbẹ̀yìn tẹ̀lé e: 4 sí 13, 6 sí 14, 5 sí 12, 7 sí 15, 9 sí 15, 11 sí 16, 16 sí 11, 14 sí 16.

Ẹ̀gbọ́n kan tó bá wa rí yàrá ẹ̀kọ́ ní ká ya àwòrán tí òun máa fi han àwọn tó fẹ́ dáwó fún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Ọ̀pá méjì péré lòun fẹ́. Tá a bá ro iye ìṣáájú pọ̀, 72 ni, tá a bá pín in sí mẹ́jọ, 9 nìyẹn. Ti ìgbẹ̀yìn jẹ́ 112, àròpín rẹ̀ jẹ́ 14. Ọ̀pá 9, ọ̀pá 14, ó parí. Irọ́ kọ́ ni o. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo ẹni keje nínú iye tá a kọ sókè yẹn. Ọ̀pá méjì yẹn ti gbé e mì.

La bá ya ṣáàtì ọ̀pá ti oníkálukú: ọ̀pá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, búlúù fún ìṣáájú, ọsàn fún ìgbẹ̀yìn. Ọ̀pá mẹ́rìndínlógún lápapọ̀. Ó dára láti fi ka iye, nítorí gbogbo ọ̀pá ló gbéra láti òdo, ojú sì mọ gígùn í wọ̀n dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé ẹni karùn-ún gba 15, kíá lẹ máa rí i. Àmọ́ ìyípadà fúnra rẹ̀ ò sí nínú àwòrán yẹn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìṣáájú àti ìgbẹ̀yìn. Ìwọ tó ń wò ó lo máa yọ ìkan kúrò nínú ìkejì lórí ara rẹ, ìgbà mẹ́jọ. Ẹni tó sáré wò ó á rí ọ̀wọ́ ọ̀pá tó ń ga tó ń kúrú bí eyín ayùn, á sì gbà pé gbogbo wọn ló gòkè. A fi han ọ̀rẹ́ wa kan, ó ní, “Ó mà dáa o, gbogbo wọn ló ti mọ̀ ọ́n.” Kò rí ẹni keje.

Ìkejì ni ṣáàtì onílà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní sílóòpù ṣáàtì. Edward Tufte, ará Amẹ́ríkà, lo irú rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1983, ó fi owó tí ìjọba orílẹ̀-èdè bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń gbà ní 1970 wé ti 1979. Bó ṣe rí ò le: òpó méjì tó dúró ṣánṣán, ti òsì fún ìṣáájú, ti ọ̀tún fún ìgbẹ̀yìn, ìwọ̀n kan náà lórí àwọn méjèèjì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àmì kan lósì, òmíràn lọ́tùn-ún, ìlà kan so wọ́n pọ̀. Nítorí pé àyè tó wà láàárín òpó méjèèjì bára mu fún gbogbo èèyàn, ìlà tó ga jù ní gẹ̀rẹ́ ni ti ẹni tó yí padà jù. Ojú ò ní ìṣirò kankan í ṣe mọ́.

Nínú Excel, kọ orúkọ sí òpó àkọ́kọ́, ìṣáájú sí ìkejì, ìgbẹ̀yìn sí ìkẹta, kó o wá yan `Line with Markers`. Ibi tó máa ń dà á rú nìyí: Excel máa to orúkọ èèyàn mẹ́jọ sí ìsàlẹ̀, á wá ya ìlà méjì péré fún ẹ, ìyẹn ò sì nítumọ̀. Tẹ `Switch Row/Column`, ìlà á di mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà, a kun méje ní àwọ̀ eérú, a sì kun ọ̀kan ní pupa.

Ìlà pupa yẹn ń bọ̀ láti òkè, ó gé gbogbo àwọn tó kù kọjá, ó balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó wò ó tí ò béèrè pé, “Ta nìyí?”

Ọmọbìnrin kan ni, ilé ìtẹ̀wé ló ti ń kọ́ṣẹ́. Òun ló mọ̀ ọ́n jù nígbà tó dé. A pè é, a bi í. Ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá mi ò gbà kí n wá ní Sátidé méjì. Káàdì pọ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ ìdánwò yẹn gan-an, mi ò sùn mọ́jú.” Ẹni tí iṣẹ́ káàdì jẹ́ tirẹ̀ gan-an, Sátidé wa ni ò bá a lára mu.

Síbẹ̀, ká má fi ìlà pupa sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Ẹni tó bá ga jù nínú ìdánwò àkọ́kọ́ sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ nínú ìkejì, bí kò tiẹ̀ sóhun tó ṣe é, torí oríire ọjọ́ yẹn wà nínú 16 rẹ̀. Bákan náà, ẹni tó ti 14 lọ sí 16 ò ya ọ̀lẹ. 20 ni òpin, àyè tó kù fún un ò pọ̀ tó ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti 4. Ìlà náà tún lè múni rò pé ńṣe ni wọ́n ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti Sátidé kan sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ àmì méjì péré la ní, a ò wọn ohun tó wà láàárín.

Àlébù mìíràn wà. Tó o bá sún òpó méjèèjì mọ́ra, gbogbo gẹ̀rẹ́ á le koko bí òkè. Tó o bá fà wọ́n jìnnà síra, wọn á tẹ́ pẹrẹsẹ, láìyí iye kankan padà. Orúkọ náà ń gun ara wọn: ẹni méjì parí sí 15, ẹni méjì sí 16, a ní láti fọwọ́ ya orúkọ wọn sọ́tọ̀. Tí wọ́n bá sì tó ogójì, sìpàgẹ́tì lo máa yà. Nígbà yẹn, tàbí tí ìdánwò bá di mẹ́ta, tí ẹgbẹ́ sì jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta péré, àwa náà á padà sídìí ọ̀pá.

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rù pé ìlà pupa á lé àwọn olówó sá. A jà sí i díẹ̀, jàre. Níkẹyìn, a kọ àròpín méjèèjì, 9 àti 14, sórí àwòrán onílà náà, a sì kọ ọ̀rọ̀ kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà pupa: “Sátidé méjì ni kò lè wá.” Bó ṣe mú un lọ nìyẹn. Àwọn tó máa dáwó ò tíì fèsì títí di báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la ti ṣí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí ilé ìtẹ̀wé bá ti pa ẹ̀rọ.