Ta Ni "Wọ́n"? Ìgbà Wo Ni "Tètè"?

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa kó lọ sí ìlú mìíràn, èmi ni wọ́n gbé ìwé ìpàdé lé lọ́wọ́. Páǹpù kànga ẹ̀rọ wa ti dákẹ́ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún nígbà náà, a sì ń ra omi lọ́wọ́ àwọn mẹ́ruwà. Igbákejì alága rò pé akápò ni yóò pe oníṣẹ́. Akápò ní òun ń retí kí igbákejì alága mú iye owó wá. Ìwé kan náà, ìpínrọ̀ kan náà, ni àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí:

"Lẹ́yìn àròyé púpọ̀, igbákejì alága ṣàlàyé pé páǹpù ti gbó. Akápò ní owó tó wà lápò kò tó láti ra tuntun. Àwọn kan dábàá pé kí a tún un ṣe. Ilé gbà bẹ́ẹ̀, kí owó náà má ju ₦180,000 lọ, kí wọ́n sì tètè wá nǹkan ṣe sí i."

Ta ni "wọ́n"? Ìgbà wo sì ni "tètè"?

Mo mú bíírò pupa, mo sì ń bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan léèrè: ṣé ohun tí ẹnì kan sọ nìyí, àbí ohun tí gbogbo ilé gbà, àbí iṣẹ́ tí ẹnì kan máa ṣe? Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ìkẹta, àbá ni. Ìkẹrin nìkan ni ìpinnu wà, ó sì sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn yòókù. Ẹ ṣọ́ àbá dáadáa o: tó bá fi máa pé oṣù mẹ́ta, "àwọn kan dábàá" á ti jọ "a gbà" lójú ẹni tó ń wá ohun tó fẹ́.

Orúkọ àti ọjọ́ kò sí nínú ìwé náà, akọ̀wé kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ti inú ara rẹ̀ dí àlàfo bẹ́ẹ̀. Mo tọ Bàbá alága lọ. Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì, Màmá akápò sì gbà á, wọ́n sì fẹnu ara wọn dá ọjọ́. Ìpàdé kò tíì fọwọ́ sí ìwé náà, nítorí náà mo lè tún un kọ. Ká ní wọ́n ti kà á tí alága sì ti buwọ́ lù ú, n kò ní fọwọ́ kàn án. Ìwé ọ̀tọ̀ ni mo máa lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀. Ohun tí mo kọ sí òkè ojú ìwé kìíní nìyí:

Ìpinnu: A ó tún páǹpù ṣe, a kò ní ra tuntun. Owó kò gbọdọ̀ ju ₦180,000 lọ.
Ẹni tó ni iṣẹ́: Akápò. Igbákejì alága yóò bá a wá oníṣẹ́.
Ọjọ́: Kí iṣẹ́ parí ní Sátidé, 14 oṣù kẹfà, 2025.
Àkíyèsí: Lẹ́yìn ìpàdé, ní 6 oṣù kẹfà, ni a fẹnu kò lórí ẹni àti ọjọ́. Ìpàdé tó ń bọ̀ ni yóò fọwọ́ sí i.

Nínú ìwé gan-an, orúkọ ènìyàn ni mo kọ, nítorí ipò lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sì kọ. Bí ilé bá ní "kí ìgbìmọ̀ ṣe é," mo máa ń béèrè ẹni tí a ó bi nínú ìgbìmọ̀ náà kí ìpàdé tó tú. Ẹni tí kò sí níjòkòó, ẹ kọ́kọ́ lọ bá a kó gbà kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣeé bi í.

N kò ju àròyé nù. Mo fi ìdí tí a kò fi ra tuntun sí ìsàlẹ̀, nítorí ó dá mi lójú pé ẹnì kan á tún gbé ọ̀rọ̀ náà dé lọ́dún tó ń bọ̀.

Kí n tó pín ìwé náà, mo gbé e fún onílé kan tí kò wá sí ìpàdé, mo ní kó sọ ohun tí a gbà, ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ rẹ̀ fún mi. Ká ní ó ṣí ojú ìwé kejì, mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi ò tíì tán nìyẹn. Kò ṣí i.

Páǹpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 12 oṣù kẹfà. Gọ́tà ló kù, òun ò bá ọjọ́ tirẹ̀. Mo gbé e sínú ìwé oṣù keje, mo kọ ọjọ́ tuntun, mo sì fi ọjọ́ àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ni iṣẹ́ náà bẹ̀ mí pé kí n pa á rẹ́. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà lẹ fẹnu ara yín dá a.