Ọwọ́ Ti Dé Àpò Kí Èrò Tó Dé

Ní ọdún 2011, Wendy Wood àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé sinimá ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn òǹwòran kan ní gúgúrú tuntun, wọ́n fún àwọn mìíràn ní èyí tó ti lo ọjọ́ méje. Àwọn tí jíjẹ gúgúrú ní sinimá ti mọ́ lára jẹ èyí tó ti pẹ́ náà bí ẹni tó ń jẹ tuntun. Ẹnu wọn ní kò dùn, ọwọ́ wọn kò gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n fi ọwọ́ kejì jẹ ẹ́, adùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pàtàkì fún wọn.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àṣà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: àmì tó ń pè é, ìṣe fúnra rẹ̀, àti èrè tó kọ́kọ́ mú un dùn. Tó bá ti pẹ́, àmì nìkan tó láti mú ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ìpinnu sì máa ń pẹ́ dé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń ránṣọ ní Kàdúná. Bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, ẹlẹ́rìndòdò tútù ni, lójoojúmọ́, lọ́dọ̀ málàámù tó ń tajà lójú ọ̀nà rẹ̀. Dókítà ní kó dín ṣúgà kù. Ó pinnu, ó sì mú un dúró títí iṣẹ́ ọdún Iléyá fi dé. Ó ń ránṣọ di òru, ebi ń pa á, ó rẹ̀ ẹ́. Ìgò tún padà sọ́wọ́.

Mo ní kó kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan: aago mélòó, ibo ló wà, ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ tó bá gba ọ̀nà ọjà lọ sílé, kì í rántí ìgò rárá. Òùngbẹ kọ́ ni àmì náà, bẹ́ǹṣì málàámù ni. Lẹ́yìn náà ó dán èrè wò. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ra ìgò, ó gbé e lọ sílé láìjókòó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọkàn rẹ̀ ṣì ń fẹ́ nǹkan. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ó jókòó, ó mu omi tútù inú ọ̀rá, ó bá málàámù sọ̀rọ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìjókòó àti ọ̀rọ̀ ló ń wá. Ó fi bẹ́ǹṣì náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ohun tó ń mu nìkan ló pààrọ̀.

Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Nínú ìwádìí kan ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Lọ́ńdọ̀nù, ó gba àwọn kan ní ọjọ́ 18, ó sì tó 254 fún àwọn mìíràn kí àṣà tuntun tó mọ́ wọn lára. Bí ọjọ́ kan bá sì bọ́, kò ba iṣẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ti sìgá àti ọtí líle yàtọ̀: níbẹ̀, ara fúnra rẹ̀ lè máa bèèrè, ó sì lè gba ìtọ́jú dókítà.